Ìlà tí ó ń tẹ̀, òkú tí ó ń pọ̀: bí a ṣe ń ka àwòrán iye tí ó ń di ìlọ́po

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń tàn kálẹ̀ ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú àwòrán kan tí ojú àwọn òǹkàwé kò mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìlà kan wà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìlà náà sì ń gòkè láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n nọ́mbà tí wọ́n kọ sára òpó àwòrán náà kì í ṣe 10, 20, 30, bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí i nílé ẹ̀kọ́. 10, 100, 1,000 àti 10,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, àyè tí ó wà láàárín wọn sì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ wo ìlà tí ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rò pé àjàkálẹ̀ náà ti ń rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, iye àwọn tí ó ń kú lójoojúmọ́ ṣì ń pọ̀ sí i.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò parí pẹ̀lú Kòrónà. Ó ń padà wá nígbàkúùgbà tí ohun kan bá ń di ìlọ́po dípò kí ó kàn máa fi díẹ̀ kún díẹ̀: iye aláìsàn nígbà àjàkálẹ̀, iye owó ọjà ní orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ ti di yẹpẹrẹ, iye àwọn tí ó ń lo fóònù ní ibi tí kò ti sí i tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í kà lè rò pé ewu ti kọjá nígbà tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà, tàbí kí ó rò pé akitiyan ìlú kò so èso nígbà tí ó ti ń so. Àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù lọ ni ti Ítálì, nítorí pé ibẹ̀ ni àrùn náà ti kọ́kọ́ le gidigidi ní Yúróòpù, àti pé ìjọba ibẹ̀ ń kéde iye òkú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Iye mẹ́rin láti Ítálì

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, àwọn tí àrùn náà ti pa ní Ítálì jẹ́ 34. Ní ọjọ́ 8 oṣù kan náà, wọ́n ti di 366. Ní ọjọ́ 19, wọ́n di 3,405. Nígbà tí yóò fi di àárín oṣù Òkúdu, iye náà ti kọjá 34,000. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo iye mẹ́rin wọ̀nyí yóò rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni àkókò tí ó gbà. Ìlọ́po mẹ́wàá àkọ́kọ́ gba ọjọ́ 7 péré. Èkejì gba ọjọ́ 11. Ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù mẹ́ta gbáko. Gbogbo ìtàn ìgbòkègbodò àrùn náà ní Ítálì ní ìgbà ìrúwé ọdún yẹn wà nínú ìyàtọ̀ yìí: àrùn náà kọ́kọ́ sáré, lẹ́yìn náà ni ó rọra ń rìn, nígbẹ̀yìn ni ó ń wọ́.

Ká ní ayàwòrán kan fẹ́ fi ìtàn yìí hàn lórí ìwé pẹ̀lú òpó tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún òkú 1,000. Kí iye 34,000 tó lè gba inú àwòrán náà, òpó rẹ̀ yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 34, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ewé ìwé ìròyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lórí òpó yìí, 3,405 yóò wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ ó dín díẹ̀. 366 kò ní tó mìlímítà mẹ́rin. 34 yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà, tí ó túmọ̀ sí pé ojú ìlà tí wọ́n fi yà á nípọn jù ú lọ. Lójú òǹkàwé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ẹrẹ́nà dà bí ìgbà tí nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àrùn náà ń sáré jù lọ, tí iye òkú ń di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì méjì.

Àwòrán bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ó sọ òtítọ́ nípa iye ènìyàn tí ó kú. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohunkóhun nípa bí àrùn náà ṣe ń sáré sí nígbà tí ó ṣì kéré, ìgbà yẹn sì ni ìkìlọ̀ wúlò jù lọ.

Ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní irú òpó mìíràn tí wọ́n ń lò fún irú iye bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìwọ̀n lọ́gárítìmù. Orúkọ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Lórí òpó tí a mọ̀, àyè tí ó dọ́gba túmọ̀ sí àfikún tí ó dọ́gba: láti 10 dé 20, láti 20 dé 30. Lórí òpó lọ́gárítìmù, àyè tí ó dọ́gba túmọ̀ sí ìlọ́po tí ó dọ́gba: láti 10 dé 100, láti 100 dé 1,000. Nítorí náà, a lè pe èyí àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n àfikún, kí a sì pe èkejì ní ìwọ̀n ìlọ́po.

Ìrònú yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìkàyé Yorùbá. Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń ná, àwọn bàbá ńlá wa ní orúkọ fún ogún, èyí tí í ṣe 20. Wọ́n ní igba fún 200. Wọ́n ní ẹgbàá fún 2,000. Wọ́n sì ní ọ̀kẹ́ kan fún 20,000. Ogún mẹ́wàá ni igba, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Bí a bá to orúkọ mẹ́rin wọ̀nyí sórí àkàsọ̀ kan, tí a fi wọ́n sí ipele tí ó tẹ̀ lé ara wọn, tí àyè àárín wọn sì dọ́gba, ìwọ̀n ìlọ́po ni a ti ṣe yẹn. Kò sí ẹni tí yóò wo àkàsọ̀ náà kí ó rò pé ohun tí ó wà láàárín ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ kò ju ohun tí ó wà láàárín ogún àti igba lọ. Ó mọ̀ pé ipele kan ni, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lórí ipele kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Ọjà pàápàá ń kọ́ni ní ìyàtọ̀ yìí. Bí ohun tí a ń rà ní 200 sẹ́fà bá fi 100 sẹ́fà lé owó rẹ̀, oníbàárà yóò pariwo. Bí àpò ìrẹsì tí a ń rà ní 20,000 bá fi 100 sẹ́fà lé e, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Lójú ìwọ̀n àfikún, 100 sẹ́fà ni méjèèjì. Lójú ìwọ̀n ìlọ́po, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì owó tí ó wà tẹ́lẹ̀, ti èkejì kò tó ohun tí a ń kà.

Bí ayàwòrán náà bá wá tún ìtàn Ítálì yà lórí òpó ìlọ́po, tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 7 sáàárín 10 àti 100, sẹ̀ǹtímítà 7 sáàárín 100 àti 1,000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 100,000, gbogbo rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 28 lọ. Iye mẹ́rin tí a kà lókè yìí, 34, 366, 3,405 àti 34,000, yóò tò lé ara wọn bí ipele àkàsọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ga ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò hàn rárá lórí àwòrán ìṣáájú yóò wá di apá tí ó ga sókè gan-an. Láti ibẹ̀ ìlà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Òkúdu, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbọọrọ.

Ohun kan wà tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àyè tí ó wà láàárín ipele méjì. Ìdajì ọ̀nà láàárín 10 àti 100 lórí òpó yìí kì í ṣe 55. Ó jẹ́ nǹkan bíi 32, nítorí pé 32 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ti 10, 100 náà sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ti 32. Bákan náà, iye tí ó bá di ìlọ́po méjì yóò gun nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ipele kan, ibi yòówù tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àwòrán wa, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀, ìbáà jẹ́ láti 20 dé 40, ìbáà jẹ́ láti 10,000 dé 20,000. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wọn òkè ìlà náà láìmọ èyí yóò máa rí iye tí kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ojú ti ń ṣì

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí: òǹkàwé rí ìlà tí ó tẹ̀, ó sì gbà pé ikú ti dínkù. Ìṣirò Ítálì fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 8 oṣù Ẹrẹ́nà, iye òkú lọ láti 233 sí 366. Ènìyàn 133 ni a kéde ní ọjọ́ kan, gbogbo iye náà sì fi bíi ìdá 57 nínú 100 pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, àwọn tí a kéde lé ní 900, gbogbo iye náà sì di 9,134. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ìdá 11 tàbí 12 nínú 100 péré ni iye náà fi pọ̀ sí i ní ọjọ́ kan.

Ìlà tí a bá yà lórí ìwọ̀n ìlọ́po ń tẹ̀ lé nọ́mbà kejì, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 27, ó tẹ̀ gidigidi, ó sì tọ́ kí ó tẹ̀, nítorí pé eré àrùn náà ti dín ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, bíi ọjọ́ méjì ni ó ń gbà kí iye òkú tó di ìlọ́po méjì. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, ó ń gbà tó ọjọ́ mẹ́fà: 4,825 ni ó jẹ́ ní ọjọ́ 21, ó sì kù díẹ̀ kí ó di ìlọ́po méjì rẹ̀ ní ọjọ́ 27. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún àwọn tí ń wo ọjọ́ iwájú. Síbẹ̀, òkú tí àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn ibi ìsìnkú ń gbà lójúmọ́ ti fi ìlọ́po méje ju ti ọjọ́ 8 lọ. Òtítọ́ méjèèjì wà nínú àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ojú ń rí.

Àwọn olùwádìí kan, tí Alessandro Romano àti Chiara Sotis wà lára wọn, dán èyí wò ní ọdún 2020 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Iye òkú kan náà ni wọ́n fi han gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan rí i lórí ìwọ̀n àfikún, àwọn mìíràn lórí ìwọ̀n ìlọ́po. Wọ́n wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò le: nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí a dárúkọ, èwo ni iye òkú ti pọ̀ sí i jù? Nínú 100 ènìyàn tí ó rí ìwọ̀n àfikún, bíi 84 ni ó gbà á. Nínú 100 tí ó rí ìwọ̀n ìlọ́po, bíi 41 péré ni ó gbà á. Kì í ṣe pé àwọn kejì gọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n jẹ́ ìbéèrè àfikún, àwòrán tí wọ́n fún wọn sì ń dáhùn ìbéèrè ìlọ́po. Níbi tí olóòtú kò bá ti ṣàlàyé èyí, òǹkàwé yóò fi ojú tí ó ní tẹ́lẹ̀ wò ó.

Àwọn ààlà mìíràn tún wà. Ìwọ̀n ìlọ́po kò ní òdo. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ náà, a ó bá 10, lẹ́yìn rẹ̀ 1, lẹ́yìn rẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá, a kò sì ní dé òdo láéláé. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kú kò ní àyè lórí àwòrán náà. Nígbà tí iye bá sì kéré, ìyàtọ̀ kékeré máa ń dà bí ńlá: láti ènìyàn 1 sí 3 ga lójú bíi láti 1,000 sí 3,000, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan ṣoṣo tí ó ṣàìsàn papọ̀ lè fa ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn Financial Times ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí àwọn àwòrán rẹ̀ gbajúmọ̀ ní ọdún yẹn, kì í fi bẹ̀rẹ̀ ìlà orílẹ̀-èdè kan láti orí òkú àkọ́kọ́. Ó ń dúró títí òkú yóò fi di 10 níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ó sì ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè náà.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé àwòrán náà ń fi eré hàn, kò ń fi ohun tí ó fa eré hàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà, olórí ìjọba Ítálì, Giuseppe Conte, kéde pé kí gbogbo ìlú jókòó sílé. Ẹni tí ó bá rí i pé ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ lè sọ pé òfin náà ló fà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn bá wọ ara ènìyàn títí dé ìgbà tí yóò fi pa á, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kú ní àárín oṣù Ẹrẹ́nà ti kó àrùn náà kí òfin tó jáde. Ohun tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlà náà gbọ́dọ̀ ti wà ṣáájú: ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn fúnra wọn, òfin tí ó ti de àwọn ìlú kan ní àríwá Ítálì láti òpin oṣù Èrèlè, tàbí bí kíkà òkú ṣe yí padà bí iye náà ṣe ń pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ àwòrán

Kì í ṣe pé kí àwọn ìwé ìròyìn pa ìwọ̀n ìlọ́po tì. Bí wọ́n bá pa á tì, ọ̀sẹ̀ tí ìkìlọ̀ wúlò jù lọ yóò tún sá pamọ́ sábẹ́ ìlà. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a má ṣe dá àwòrán náà dá ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n àfikún ń dáhùn ìbéèrè ẹni tí ń ka pósí àti ibùsùn ilé ìwòsàn: mélòó ni? Ìwọ̀n ìlọ́po ń dáhùn ìbéèrè ẹni tí ń wo ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀: ó ń sáré sí i ni, àbí eré rẹ̀ ń dín? Níbi tí àyè bá wà, kí a tẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi tí kò bá sí, kí a kọ nọ́mbà gidi sí ìparí ìlà náà, kí a sì fi gbólóhùn díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ àwòrán Ítálì ti ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà, a bá ti kọ báyìí:

«Ipele kọ̀ọ̀kan lórí òpó yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iye òkú ti di 9,134. Lónìí nìkan, ó lé ní 900 tí a kéde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ọjọ́ méjì ni ó ń gbà kí iye náà di ìlọ́po méjì. Nísinsìnyí, ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà. Ìlà tí ó tẹ̀ kò sọ pé ikú ti dínkù.»

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ àwòrán ọdún 2020 kò ní. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka eré àrùn, «ó ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ báyìí», sì wúlò nítorí pé ẹni tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ rí lè lóye rẹ̀. Financial Times mọ èyí, ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń ya àwọn ìlà tínínrín mìíràn sí abẹ́ ìlà àwọn orílẹ̀-èdè, kí òǹkàwé lè fi wé: èyí ni yóò rí bí iye bá ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́, èyí ni ti ọjọ́ méjì méjì, ti ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti òǹkàwé, ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe nígbà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá tún jáde. Kí ó má tíì wo ìlà. Kí ó wo nọ́mbà ẹ̀gbẹ́ òpó, kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n ń fi iye kan náà lé ara wọn ni, àbí wọ́n ń di ìlọ́po. Bí wọ́n bá ń fi iye kan náà lé ara wọn, gíga ìlà náà ni iye ènìyàn, kò sí àlàyé mìíràn. Bí wọ́n bá ń di ìlọ́po, gígùn òkè tí ìlà náà ń gùn ni eré àrùn. Ìlà tí ó bá lọ tààrà sókè níbẹ̀ kò túmọ̀ sí ìdúróṣinṣin: ó túmọ̀ sí pé àrùn náà ń di ìlọ́po lọ láìdáwọ́ dúró. Ìlà tí ó bá tẹ̀ ń fúnni ní ìrètí, ṣùgbọ́n kò tíì fúnni ní ìsinmi. Ìgbà tí ó bá sùn gbọọrọ nìkan ni a tó lè sọ pé ikú tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin, àti ní Ítálì, ó tó oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ́nà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.